Ibà Tí Ó Ṣí Olú-Ìlú Nídìí

Orúkọ Àbíjáàn kò ṣàjèjì sí etí àwọn ọmọ Yorùbá. Láti Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn kan ti kọ́lé níbẹ̀, wọ́n ti bímọ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń fi èdè Faransé bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá wá ṣọdún nílé. Ànàgó ni àwọn ará Kódífúà ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀, nínú àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ọ̀nà náà, pé ọwọ́ ibà wà nínú bí ìlú náà ṣe di ibùjókòó ìjọba. Ibà ni ó lé àwọn aláṣẹ Faransé kúrò ní Gíráǹ-Básáàmù ní etí òkun; ìṣípòpadà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ni ó sì parí sí Àbíjáàn ní ọdún 1934. Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí ó sá kò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n rí ooru lára aláìsàn, wọ́n sì rò pé láti inú oòrùn àti afẹ́fẹ́ ìlú náà ni ooru yẹn ti wá. Ibi tí wọ́n fi ojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ.

Gíráǹ-Básáàmù wà ní ìlà-oòrùn Àbíjáàn, lórí ilẹ̀ yanrìn tóóró kan tí òkun wà ní apá kan rẹ̀ tí ọ̀sà sì wà ní apá kejì. Ní ọdún 1893 ni ìjọba Faransé sọ Kódífúà di ilẹ̀ tí wọn yóò máa ṣàkóso fúnra rẹ̀. Lúwíì Gùsítáfù Bẹ̀ńjẹ́ ni gómìnà àkọ́kọ́, Gíráǹ-Básáàmù sì ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kọ́ ilé ìtajà wọn sí, níbẹ̀ náà ni ilé gómìnà, ilé ẹjọ́ àti ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Nígbà tí ó di ọdún 1899, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú. Kò pẹ́ rárá tí àwọn Òyìnbó tí ó kú fi pọ̀ ju àwọn tí ó ṣẹ́kù lọ.

Bí àìsàn náà ṣe ń ṣe ènìyàn nìyí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà tí ó bá ti wọ ara, otútù yóò kọ́kọ́ mú ẹni náà lójijì, ara rẹ̀ yóò gbóná, orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa fọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ooru ara náà a máa rọlẹ̀, aláìsàn a sì dìde jókòó, a béèrè oúnjẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń gba ibẹ̀ sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, bí ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ìsinmi náà kì í ju ọjọ́ kan lọ tí ibà yóò fi padà. Nígbà náà ni ojú yóò pọ́n bí ìyeyè nítorí pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde ní imú àti ìdí eyín, aláìsàn yóò sì máa bì ohun dúdú. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó bá dé orí ipò yìí ni ó ń kú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kò kú tó àwọn àlejò, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni àìsàn náà ti ṣe díẹ̀ nígbà èwe, ẹni tí ó bá sì ṣe tí ó yè é, kì í ṣe é mọ́.

Àwọn aláṣẹ náà ronú bí àwọn ènìyàn ayé ìgbà yẹn ṣe ń ronú. Wọ́n wo ọ̀sà tí ó dúró sójú kan, wọ́n gbóòórùn ẹrọ̀fọ̀, wọ́n wo oòrùn tí ń jó ni lórí iyanrìn, wọ́n sì pinnu pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni ó ń sọ ara di gbígbóná. Nítorí náà, ní ọdún 1900, wọ́n kó ìjọba lọ sí orí òkè kan lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n sì fi orúkọ gómìnà àkọ́kọ́ sọ ibẹ̀ ní Bẹ̀ńjẹ́fílì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tún kó lọ sí Àbíjáàn ní ọdún 1934.

Ní ọdún 1900 yìí kan náà, lójú òkun kejì, àwọn oníṣègùn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ń wádìí àìsàn yìí ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Hàfánà ní Kúbà. Wọ́tà Ríìdì ni olórí wọn. Wọ́n kọ́ ilé kékeré kan tí afẹ́fẹ́ kò lè ráyè wọ̀ dáadáa, wọ́n dá iná sí i kí ó lè máa móoru tọ̀sán tòru, wọ́n sì kó aṣọ àti ibùsùn àwọn tí ibà pọ́njú pa sínú rẹ̀, pẹ̀lú èébì àti ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ mọ́ wọn lára. Àwọn ọkùnrin tí ó yọ̀ǹda ara wọn sùn sórí aṣọ wọ̀nyí fún ogún òru. Kò sí ẹni kan nínú wọn tí ibà mú. Nínú ilé kejì, tí ó mọ́ tónítóní tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí, ẹni tí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jẹ ni ibà kọlù. Káálọ̀sì Fínléè, oníṣègùn ará Kúbà, ti sọ ọ́ láti ọdún 1881 pé ẹ̀fọn ni, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́. Ẹ̀fọn ọ̀hún dúdú, ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn, inú ìkòkò àti agbada omi tí ó wà nínú ilé ni ó sì ń yé sí. Kì í ṣe ẹrọ̀fọ̀ ọ̀sà ni ó bí i. Ẹni tí ó bá kó ìkòkò omi rẹ̀ gun orí òkè ti kó ẹ̀fọn náà lọ.

Ìdáhùn yìí fi ibi tí àìsàn náà ti ń wá hàn. Ó ku ìbéèrè kejì: bí kì í bá ṣe oòrùn ni ó ń mú ara aláìsàn gbóná, kí ni?

Láti dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí oòrùn lè ṣe sí ara ẹni tí ó dá ṣáká. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Ṣáálìsì Bílágídìn wọ inú iyàrá kan tí wọ́n ti dáná sí títí ooru rẹ̀ fi ju ti omi híhó lọ. Ó sọ ìtàn náà di ìwé ní ọdún 1775. Ẹyin tí ó mú wọ ibẹ̀ jinná láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹran màlúù jinná, ṣùgbọ́n nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jáde lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ooru ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó sì gbé omi sínú ohun èlò méjì síbẹ̀. Ó da òróró díẹ̀ sí ojú ọ̀kan, kò da nǹkan kan sí ojú èkejì. Èyí tí òróró bò hó, èyí tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò hó, nítorí pé ń ṣe ni ó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ tí ooru rẹ̀ sì ń bá oruku omi náà lọ. Bí òógùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ó di ọdún 1868, oníṣègùn ará Jámánì kan, Káàlì Fúńdálíìkì, tẹ ìwé kan jáde lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn tí ó ti fi òṣùwọ̀n wọn ooru ara wọn. Ó fi ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ṣe ti ara tí ó dá. Ìwádìí òde òní fi hàn pé ìwọ̀n náà kì í dúró gbọn-in: ó a máa dín díẹ̀ ní ìdájí, ó a sì máa lé díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ara kan sì yàtọ̀ sí òmíràn. Síbẹ̀, ọmọ Àbíjáàn tí ó jókòó sínú oòrùn ọ̀sán àti ará ilẹ̀ yìnyín tí ó wà nínú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ mẹ́ta, ìwọ̀n 37 yìí ni àwọn méjèèjì ń rọ̀gbà yí ká. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà nínú ara tí ń ṣọ́ ọ.

Ibi tí ohun náà wà ni ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ní ààrin gbùngbùn orí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní haipotálámọ́ọ̀sì, kò sì tóbi ju awẹ́ obì kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ibẹ̀ kọjá ń sọ fún un bí inú ara ṣe gbóná tó, àwọn iṣan ìmọ̀lára sì ń mú ìròyìn wá fún un láti awọ ara. Ibẹ̀ ní ìwọ̀n kan tí ó ń fẹ́ kí ara dúró sí. Ìwọ̀n tí ó ń fẹ́ yìí ni a ó máa pè ní òdiwọ̀n nínú àròkọ yìí, kí ó má baà dàrú mọ́ ooru tí ara ní lọ́wọ́ní. Bí ooru ara bá kọjá òdiwọ̀n, haipotálámọ́ọ̀sì yóò ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè wá sí òde, yóò sì pàṣẹ fún òógùn kí ó jáde. Bí ooru ara bá rẹlẹ̀ sí òdiwọ̀n, yóò pa àwọn iṣan wọ̀nyí dé, yóò sì mú kí ẹran ara máa gbọ̀n, nítorí pé gbígbọ̀n ń bí ooru. Kò mọ̀ ju kí ó fi ooru ara wé òdiwọ̀n lọ. Áyọ́ọ̀nù oníná mànàmáná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ó bá ti gbóná dé ibi tí wọ́n yí bọ́tìnì rẹ̀ sí, yóò pa iná ara rẹ̀, bí ó bá tutù sí i, yóò tún tan án.

Òógùn ni ohun ìjà tí ó lágbára jù lọ nínú gbogbo èyí ní ilẹ̀ olóoru. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbóná ju awọ ara lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ooru lè gbà jáde ni kí omi gbẹ lórí awọ. Lítà òógùn kan tí ó bá gbẹ tán lórí ara ń kó ooru lọ tó èyí tí ó lè mú omi lítà mẹ́jọ láti ìwọ̀n 30 dé ojú ìhó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó wà níbẹ̀ ni “tí ó bá gbẹ tán”. Òógùn tí ó kán sílẹ̀ tótó kò mú ooru kankan lọ. Omi àti iyọ̀ ara nìkan ni ó ṣòfò. Èyí ni ìyọnu Àbíjáàn àti Èkó àti gbogbo ìlú ẹ̀bá ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mu omi yó, kò sì fẹ́ gba omi mìíràn mọ́. Ní ilẹ̀ gbígbẹ ìhà àríwá, oòrùn a máa gbóná ju ti Àbíjáàn lọ, síbẹ̀ aṣọ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè má tutù, nítorí pé òógùn rẹ̀ ń gbẹ bí ó ti ń yọ. Ní Àbíjáàn, aṣọ a lẹ̀ mọ́ ni lẹ́yìn, ara kò sì ní fúyẹ́. Lóòótọ́ ni àwọn aláṣẹ Gíráǹ-Básáàmù ń jìyà ooru. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n pe ìyà ooru àti ibà ní ohun kan náà.

Káàlì Líbámaísítà, oníṣègùn ará Jámánì mìíràn, ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1875. Ó ṣàkíyèsí pé ara ẹni tí ibà mú kò ṣíwọ́ láti máa ṣọ́ ooru rẹ̀. Bí wọ́n bá fi omi tútù wẹ aláìsàn tí ara rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 40, ara náà yóò gbọ̀n, yóò sì padà sí 40. Ohun tí ó sọ ni pé ìṣọ́ náà kò bàjẹ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibi gíga ni. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, òdiwọ̀n ni ó ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà lára ẹnì kan. Ká ní oníṣòwò kan wà ní ọjà Tirẹ́ṣífílì ní Àbíjáàn, tí ibà ẹ̀fọn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí málaríà, ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, afẹ́fẹ́ wà ní ìwọ̀n 31, ara rẹ̀ wà ní 37, òdiwọ̀n rẹ̀ náà sì wà ní 37. Lójijì, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fara pamọ́ sí, wọ́n tú jáde, òdiwọ̀n rẹ̀ sì gbéra láti 37 lọ sí 40. Ara rẹ̀ kò tíì yí padà. Ó ṣì wà ní 37. Ṣùgbọ́n lójú haipotálámọ́ọ̀sì, ara tí ó yẹ kí ó wà ní 40 tí ó wà ní 37 ti tutù jù. Nítorí náà otútù mú un láàárín ọjà, nínú oòrùn. Awọ ara rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ ṣì, irun ara rẹ̀ nà ró, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó sì ń béèrè aṣọ ìbora. Àwọn tí wọ́n wà nítòsí fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ kò gbóná. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n wọ̀ ọ́ nígbà náà, wọn yóò rí i pé inú ara rẹ̀ ń gòkè: 38, 39, 40.

Lẹ́yìn bí wákàtí kan, ooru ara bá òdiwọ̀n. Otútù náà lọ, gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n, awọ rẹ̀ gbẹ, ó gbóná bí ìdí ààrò, orí ń fọ́ ọ. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kò sì ní làágùn, nítorí pé ara tí ó wà ní 40 nígbà tí òdiwọ̀n wà ní 40 kò ní ohun tí yóò fi òógùn ṣe. Nígbà tí ó yá, òdiwọ̀n jábọ́ padà sí 37. Ara ṣì wà ní 40, haipotálámọ́ọ̀sì sì rí i pé ó ti gbóná jù. Nígbà yìí ni òógùn dé. Ó ju aṣọ ìbora nù, òógùn bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ẹní rẹ̀ rin gbindin, ara rẹ̀ sì tutù. Àwọn àgbà máa ń sọ pé aláìsàn ti làágùn, ibà ti lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ni pé òdiwọ̀n ni ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kí òógùn tó jáde. Nítorí náà, fífi aṣọ nípọn bo aláìsàn mọ́lẹ̀ kí ó lè fi tipátipá làágùn kò lè mú òdiwọ̀n wálẹ̀; ooru ara ni yóò máa há mọ́ abẹ́ aṣọ.

Ta ni ó ń yí òdiwọ̀n padà? Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n rò pé májèlé láti ara kòkòrò àìsàn nìkan ni. Ní ọdún 1948, oníṣègùn Amẹ́ríkà kan, Pọ́ọ̀lù Bíísìn, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn, ní ohun kan nínú tí ó lè dá ibà sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀tá bá wọlé, àwọn ni wọ́n ń fi ohun yìí ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ sí orí. Bí ó bá dé ẹ̀bá haipotálámọ́ọ̀sì, ohun mìíràn tí à ń pè ní purositagilándíìnì yóò jáde níbẹ̀, èyí ni ó sì ń gbé òdiwọ̀n sókè. Ní ọdún 1971, Jọ́ọ̀nù Féènì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ásípíríìnì ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe purositagilándíìnì. Ìgbà náà ni ó yé wọn ìdí tí oògùn ibà fi ń mú ara ẹni tí ibà mú tutù, tí kì í sì í mú ara ẹni tí ó dá tutù: òdiwọ̀n ni ó ń dá padà, kì í sì í ṣe ooru ni ó ń lé. Kò pa kòkòrò àìsàn kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ibà pọ́njú fi ń tan ènìyàn jẹ. Ní ọjọ́ kẹrin tí ooru bá rọlẹ̀, òdiwọ̀n ti padà sípò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìparun lè máa lọ nínú ẹ̀dọ̀. Òṣùwọ̀n kò purọ́; àṣẹ tí orí pa ni ó ń sọ, kò sì mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ ń rí. Oníṣègùn kan ní Níú Ọ́líńsì, Ṣáálìsì Fajéè, rí àmì mìíràn láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ọ̀pọ̀ ibà, bí ara bá ṣe ń gbóná sí i ni ọkàn ń yára lù sí i. Nínú ibà pọ́njú, ara lè wà ní gbígbóná nígbà tí lílù iṣan ọwọ́ ń falẹ̀. Àwọn ibà mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, taifọ́ọ̀dù lára wọn, nítorí náà àmì náà nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn nígbà tí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítòsí.

Ìyàtọ̀ tí àwọn ará Gíráǹ-Básáàmù kò mọ̀ yìí ṣì ń pa ènìyàn títí di òní. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń sáré ìje nínú oòrùn ọ̀sán ní ìlú ẹ̀bá ọ̀sà, ẹran ara rẹ̀ ń bí ooru púpọ̀, òógùn rẹ̀ kò sì ráyè gbẹ. Òdiwọ̀n rẹ̀ wà ní 37, kò gbéra rárá, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká ooru náà mọ́. Bí ara rẹ̀ bá kọjá 40, tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó dákú, ooru ti ṣẹ́gun rẹ̀. Èyí kì í ṣe ibà. Oògùn ibà kò lè wúlò fún un, nítorí pé kò sí òdiwọ̀n tí yóò dá padà. Omi ni oògùn rẹ̀, lẹ́sẹ̀ kan náà: kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, kí wọ́n rì í sínú omi tútù láì jẹ́ kí orí rẹ̀ wọ inú omi, tàbí kí wọ́n máa da omi sí gbogbo ara rẹ̀ kí wọ́n sì máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n tó máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọn kò gbọdọ̀ fi tipátipá da omi sí i lẹ́nu nígbà tí kò mọ ara rẹ̀. Kí wọ́n má sì ṣe dúró de ìgbà tí awọ rẹ̀ yóò gbẹ kí wọ́n tó gbà pé ooru ni, nítorí pé òógùn a máa wà lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ooru ṣubú lù lẹ́nu eré ìje.

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí ó jókòó sínú iyàrá ẹ̀kọ́ láì ṣe iṣẹ́ kankan, tí otútù mú, tí ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ sì wá gbóná, òdiwọ̀n tirẹ̀ ni ó gbéra. Bí wọ́n bá da omi tútù lé e lórí nígbà tí ó ń gbọ̀n, ń ṣe ni yóò gbọ̀n sí i, tí yóò sì jẹ̀rora lásán. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi mímu, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ni ó tọ́ sí i. Bí wọ́n yóò bá fún un ní oògùn ibà, parasitámọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe ásípíríìnì, nítorí pé ásípíríìnì lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní ibà pọ́njú máa dà sí i. Bí iyè ọmọ náà bá wá ń dàrú pẹ̀lú ibà, kò sí ìdúró mọ́, nítorí pé málaríà tí ó ti dé ọpọlọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́gun ibà pọ́njú níkẹyìn kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, àwọn oníwádìí tí ibùdó wọn wà ní Yábàá ní Èkó gba ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ń jẹ́ Àsíbì, ní abúlé Pẹ́fẹ̀ ní Gánà. Ibà tirẹ̀ kò le, ó sì sàn. Ọ̀bọ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sí lára ni ara rẹ̀ gbóná, tí ó sì kú. Láìpẹ́, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Édíríánì Sítóòkùsì, ọ̀kan nínú àwọn oníwádìí wọ̀nyí, kó àìsàn náà, ó sì kú ní Èkó. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Àsíbì ni Máàkìsì Táílà ti wá ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún 1937, òun kan náà sì ni wọ́n ń gún títí di òní. Nígbà tí ibà pọ́njú tún wọ Àbíjáàn ní ọdún 2001, ìjọba kò kó olú-ìlú lọ síbì kankan. Ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Síbẹ̀, bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ funfun ṣì ń yé sínú agbada omi ní Àbíjáàn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yé ní Gíráǹ-Básáàmù ní ọdún 1899. Ìdí nìyí tí àwọn aṣọ́bodè Kódífúà fi ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ará Èjìgbò tí ń padà lọ sí ìdí òwò rẹ̀.